Sọ̀wédowó Tí Kò Sọnù

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lóṣooṣù ni mò ń fi ìwé sọ̀wédowó wa wé àkọsílẹ̀ báńkì. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ náà, tí a jọ kàwé ní yunifásítì, ń gbé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Sọ̀wédowó ìrànwọ́ tí a kọ fún un kò dé báńkì títí oṣù mẹ́fà fi kọjá, báńkì kò sì ní san án mọ́. Mo lọ gbà á, mo fagi lé e, a kọ òmíràn. Nígbà tó yá, ó ní ìyẹn sọnù. Mo kọ̀wé sí báńkì pé kí wọ́n má san án, mo dá owó náà padà sínú ìwé wa, mo sì gbé ẹ̀kẹta lọ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Jókòó ná, o kì í ṣe ọlọ́pàá."

Mo ní mò ń kánjú.

Ìyẹn náà kò dé báńkì. Nígbà tí mo padà lọ, ó ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ kó sọ̀wédowó méjèèjì lé mi lọ́wọ́.

"Kò sọnù, sà. Wọ́n ní tí àwọn bá gbowó náà, ẹ ò ní wá mọ́."

Mo kọ sọ̀wédowó owó náà fún àwọn ọmọ rẹ̀. N kò lè wojú ọmọ náà.