Ohùn Mi Nínú Fóònù Àwọn Ẹlòmíràn

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ojú ìwé mi kì í ní àyè. Láti etí kan dé etí kejì ni mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ kún un, lẹ́tà wẹ́wẹ́, ìlà lórí ìlà, nítorí pé pépà wọ́n lọ́wọ́ ọmọ àgbẹ̀ bíi tèmi, àti nítorí pé ó wù mí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa yá ìwé mi bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á ní, “Ọmọ Ọ̀wọ̀, ìwọ nìkan lo mọ bí a ti ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀.” Bí mo bá rí ojú ìwé tó kún fọ́fọ́ títí di òní, ńṣe ni mo máa ń gbóòórùn gbọ̀ngàn ìkàwé wa àtijọ́.

Ọmọ ọmọ mi ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ojú ìwé tó kún lè dàbí ògiri tí kò ní ilẹ̀kùn.

Àkọ́bí mi obìnrin, tí ó ń ṣe gààrí ní Emure-Ile, ni ó bí i. Ọ̀dọ̀ mi ní Ọ̀wọ̀ ni ó ń gbé nígbà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ rẹ̀ tutù fún aláìsàn, kì í gbàgbé ohun tí ó bá fetí gbọ́. Ṣùgbọ́n ìdánwò ìmọ̀ nípa ara ènìyàn ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ wọn sì ni pé ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta yóò di ẹrù rẹ̀, yóò máa lọ sílé.

Ìyá rẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni. Èmi ní ọ̀lẹ ni. Àfi ọjọ́ tí ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi kan wá kí mi. Olùkọ́ ni, àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ni lára ni ó ń kọ́ ní Àkúrẹ́. Ó jókòó ti ọmọ náà, ó ní kí ó ka ìwé sétí òun. Ọmọ náà kà á bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta. Ó fo ìlà kan, ó padà, ó tún ka ìlà tí ó ti kà tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ náà wá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ka ojú ìwé kan náà fún un, ó sì bi í ní ìbéèrè. Kò sí èyí tí kò dáhùn.

Ó yíjú sí mi. “Bàbá, ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, ojú rẹ̀ kò sì fọ́. Dìsílẹ́síà ni wọ́n ń pè é. Ọpọlọ rẹ̀ pé pérépéré. Láti sọ lẹ́tà di ohùn ni ó ń ni ín lára. Dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nìyẹn.”

“Kí ni oògùn rẹ̀?”

“Kò ní oògùn, Bàbá. Ìwé ni ẹ ó tún ṣe, kì í ṣe ọmọ.”

Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣe é. Mo gbé ìwé tí àwọn olùkọ́ wọn fún wọn, ẹ̀dà ẹ̀dà tí ó ti dúdú, mo sì ń gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé iṣu fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ojú ìwé kan. Àkọlé rẹ̀ dúdú, ó sì tóbi. Abẹ́ rẹ̀ ni gbólóhùn kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún, àyè gbàǹgbà láàárín wọn. Mi ò fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀, mi ò lo lẹ́tà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí àwòrán bá wà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé rẹ̀ gan-an ni mo fi í sí. Pépà aláwọ̀ wàrà ni mo lò, torí ọmọ náà sọ pé funfun báláú ń ta òun lójú.

Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé nítòsí Pólì kò gbà fún mi bọ̀rọ̀.

“Bàbá, ẹ ń fi pépà ṣòfò o! Gbogbo èyí wọ ojú ìwé kan ṣoṣo.”

“Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ tiẹ̀ jẹ́ n bá yín na ìlà rẹ̀ kí etí méjèèjì gún.”

“Jẹ́ kí etí ọ̀tún rí pálapàla. Bí o bá nà án, àyè àárín ọ̀rọ̀ á fẹ̀ síbì kan, á há síbòmíràn, ojú rẹ̀ á ṣìnà.”

Ó wò mí. “Ẹ̀yin bàbá wọ̀nyí, ẹ lówó o.”

Lẹ́yìn ìwé ni ohùn. Olùkọ́ náà ní kí n máa ka àkópọ̀ ẹ̀kọ́ sínú fóònù kí ọmọ náà lè máa gbọ́ ọ bí ó bá ń fọṣọ tàbí tí ó bá wà lórí ọ̀kadà. Inú mi dùn, mo ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Mo ka ẹ̀kọ́ nípa ọkàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmí, pẹ̀lú gbogbo gbólóhùn gígùn tí mo kọ́ ní yunifásítì. Ó gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ẹ ní ‘gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú àwòrán tó wà lókè.’ Òkè wo, Bàbá? Òrùlé?”

Mo tún un ṣe. Ohun tó wà fún etí kò ní òkè, kò sì ní ìsàlẹ̀. Mo kọ́ láti kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀kọ́ náà, kí n sì sọ iye kókó tó ń bọ̀ kí etí lè múra sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n óò sọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, n óò dákẹ́ díẹ̀ láàárín wọn. N óò wá fi ìbéèrè kan parí rẹ̀, kí n sì dákẹ́ kí ó lè dáhùn. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn yóò bá pàdé nínú ìdánwò ni mo fi sílẹ̀ bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé wa ni mo fi ń ṣàlàyé. Mo ní ọkàn jẹ́ ilé oníyàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ara ti lò wọ yàrá òkè lápá ọ̀tún. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ó jáde lọ sí ẹ̀dọ̀fóró láti gba afẹ́fẹ́. Ó padà wọ yàrá òkè lápá òsì. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó jáde lọ sí gbogbo ara. Ilẹ̀kùn tó wà láàárín wọn kì í jẹ́ kí ó padà sẹ́yìn.

Àsìkò ọdún Igogo ìlú wa ni mo ka èyí. Ìlú kò lu ìlù torí èèwọ̀ ni lásìkò náà, ìró agogo nìkan ló ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé mi, ó sì wọ inú ohùn náà. Mo fẹ́ pa á rẹ́. Ọmọ náà kọ̀. Ó ní ìró agogo yẹn ni òun fi ń rántí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ẹ̀dọ̀fóró.

Láìpẹ́, ó mọ ẹ̀kọ́ náà ju bí mo ti rò lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ níbi tó ti ń dáhùn ìbéèrè inú ohùn mi lójú ọ̀nà, wọ́n ní kí ó fi ohùn bàbá àgbà ránṣẹ́ sí àwọn. Ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì. Inú mi dùn bí ìgbà tí wọ́n ń yá ìwé mi.

Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi kìlọ̀ pé ìdánwò fúnra rẹ̀ ṣì wà níwájú o. Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n fi àkókò díẹ̀ kún tirẹ̀, tàbí kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa ka ìbéèrè fún un. Ó dìde fún mi, ó fún mi ní omi mu.

“Bàbá, a bọ̀wọ̀ fún yín. Ìwé dókítà dà?”

Kò sí dókítà tó ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ nítòsí wa. Ìbàdàn ni wọ́n júwe fún wa. A lọ, wọ́n fún wa ní ọjọ́ tí a ó padà wá. Ọjọ́ ọ̀hún sì wà lẹ́yìn ìdánwò.

Nígbà tí mo padà lọ sọ fún ọ̀gá náà, ó na ọwọ́ méjèèjì. “Tí mo bá fún un láìní ìwé, gbogbo wọn ni yóò ní ojú ń dun àwọn lọ́la.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wọ gbọ̀ngàn. Mo jókòó lábẹ́ igi ní ìta pẹ̀lú fìlà mi lórí eékún. Nígbà tó jáde, kò sunkún. Ó jókòó tì mí, ó ní, “Bàbá, mo mọ̀ ọ́n.”

“Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n.”

“Lẹ́tà rẹ̀ kéré, wọ́n pín in sí méjì lójú ìwé kan. Mo fi ìbéèrè kan sílẹ̀ kí n lè padà sí i. Ṣùgbọ́n mi ò fo àyè rẹ̀ lórí pépà ìdáhùn.”

Àwọn róbótó kéékèèké tí wọ́n ń fi pẹ́ńsù kùn fún ẹ̀rọ ni ó ń sọ. Ìdáhùn ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló bọ́ sínú àyè èyí tó fi sílẹ̀, gbogbo ìyókù sì tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù nínú ilé ẹlòmíràn. Nígbà tó dé ìparí, ó rí i pé àyè kan ṣẹ́kù tí kò sí ìbéèrè fún mọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrésà pa àwọn ìdáhùn náà rẹ́ nígbà tí wọ́n gba pépà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo ìbéèrè àtijọ́ tí mo fi dán an wò, mo ti tún wọn tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àyè gbàǹgbà, lórí pépà aláwọ̀ wàrà. Ẹnu ni ó fi ń dáhùn wọn fún mi. Kò bá irú pépà oníróbótó yẹn pàdé rí nínú ilé mi.

Gbogbo àwọn tó kù nínú kíláàsì rẹ̀ yege. Ìwé dókítà dé láti Ìbàdàn nígbà tí ẹrù rẹ̀ ti wà lórí ọ̀kadà. Mo tún mú ìwé náà lọ bá ọ̀gá náà. Ó kà á dáadáa. Ó ní ó máa wúlò fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kékeré kan ń di aṣọ mọ́ mi lápá. Mo kí i. Ó dúró.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ.” Mo tún un sọ. Ó pàtẹ́wọ́. “Bàbá onílé oníyàrá mẹ́rin! Yéè! Ohùn yín ni mo fi yege! Ó ṣì wà nínú fóònù mi, mo ti fún àwọn àbúrò wa tó ń bọ̀ lẹ́yìn. A tiẹ̀ máa ń fi agogo yẹn ṣeré. Ọmọ yín ńkọ́, ọsibítù wo ló wà?”

“Ó wà ní Emure.”

“Ẹ bá mi kí i o, sà. Ẹ sọ fún un pé ó ṣeun.”

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Emure-Ile ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo bá ọmọ ọmọ mi níbi tó ti ń yan gààrí, èéfín bò ó lójú. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì bi mí kí ni wọ́n sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní ó ti ga jù, ṣé mi ò fo oògùn àárọ̀ mi, ṣé mi ò tún ti padà sídìí iyọ̀. Mo ní rárá. Ó ní irọ́ ni mo ń pa.

Mi ò jẹ́ iṣẹ́ ọpẹ́ tí nọ́ọ̀sì kékeré náà rán mi. Mo jókòó títí ó fi tú gààrí náà jáde, tó sì da òmíràn sínú agbada.