Nígbà Tí Wọ́n Gba Àṣẹ Ìyà Lọ́wọ́ Àwọn Sẹ́níọ̀

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi da mílíìkì oníyẹ̀fun sórí gàrí gbígbẹ nínú ilé ìdáná wa ní Kubwa. Òórùn rẹ̀ kàn mí nímú, mo sì fìdí kalẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé oúnjẹ ẹni tébi ń pa ni. Lójú àwa tí a gbé inú iléèwé àwọn ọmọbìnrin lẹ́bàá Bwari, àsè ni. Ẹni tó bá tún ní ṣúgà ti di olóyè.

Láti ojú fèrèsé yàrá wa níléèwé la ti ń wo àwọn òkè ọ̀nà Ushafa, tí kùrukùru ọyẹ́ máa ń bò títí oòrùn á fi mókè. A ó fi ìpara pa ẹsẹ̀ tó ti funfun bí ẹfun, a ó sì sáré lọ síbi ẹ̀rọ omi, torí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló ń yọ omi dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Morẹ́nikẹ́, ọmọ Kábbà tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n ń gbé ní Nyanya. Òun ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, èmi ń sùn nísàlẹ̀. "Òkun o" ló fi ń kí gbogbo èèyàn, bí wọ́n ṣe ń kíra nílé wọn, orin kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Sẹ́níọ̀ Títí ni olórí yàrá wa. Nígbà náà, sẹ́níọ̀ láṣẹ láti rán wa níṣẹ́ kó sì fìyà jẹ wá. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìdí. Títí kọ́kọ́ ń sín Morẹ́nikẹ́ jẹ. Nígbà tó yá, ó gba mílíìkì rẹ̀, ó ń mú un pọnmi fún àwọn ọ̀rẹ́ òun, ó ń mú un kúnlẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. Èyí tó burú jù ni pé ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀. Ojú ọ̀nà kíláàsì, níbi tí ojú Títí kò tó, lèmi àti ẹ̀ ti ń sọ tiwa.

Orin kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn, ohun tó ti fi sílẹ̀ láti kékeré, Títí sì ní kó gbé fóòmù rẹ̀ sáàárín ọgbà kí gbogbo wa rí i. Ọmọ tó mọ ìṣirò wá di ẹni tí ń wo bọ́ọ̀dù lásán. Bí ẹnì kan bá gbọ́wọ́ lójijì, á bo orí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá wò ó, ohun tó sọ kò ju "Mo wà dáadáa, mà" lọ. Ẹ̀rù kí wọ́n má pè é lólófòófó ló ń bà á.

Inú tó ń run Morẹ́nikẹ́ ló gbé àwa méjèèjì dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì iléèwé.

"Ìgbà wo ló máa ń run ẹ́?"

"Bí agogo ìjí bá ti lù, mà."

"Nígbà ọlidé ńkọ́?"

"Kì í run mí nílé."

Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn. "Ta ló ń bà ẹ́ lẹ́rù?"

Morẹ́nikẹ́ wò mí. "Sọ fún wọn," ni mo wí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹkún.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀. Ó dé, ó fẹ́ mú un kúrò níléèwé. "Ẹ na Títí yẹn lójú mi ná," ló wí. Ọ̀gá iléèwé wa, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mi orí. "Bí mo bá nà án, sà, yóò lọ wá ẹlòmíì nà. Ẹ fún wa ní táàmù kan."

Wọ́n kọ́kọ́ bi gbogbo wa, láìkọ orúkọ, pé ibo ni wọ́n ti ń yọ wá lẹ́nu. Ẹ̀rọ omi àti ilé ìwẹ̀ ló pọ̀ jù, torí náà tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró níbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Wọ́n gba àṣẹ ìyà lọ́wọ́ àwọn sẹ́níọ̀. Wọ́n kọ́ tíṣà, alásè àti máígádì ní ohun kan náà: bí ẹ bá rí i, ẹ dá a dúró, ẹ sì sọ. Lọ́jọọjọ́ Monday, kíláàsì kọ̀ọ̀kan ń jókòó yípo sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó ń wòran tó ń rẹ́rìn-ín ń fún aninilára lágbára, àti pé sísọ fún àgbà kì í ṣe òfófó. Wọn kò kó Títí àti Morẹ́nikẹ́ jọ pé kí wọ́n bára wọn parí ìjà, torí kì í ṣe ìjà. Tíṣà olùdámọ̀ràn ń rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Títí, wọ́n pe àwọn òbí rẹ̀, ó sì dá ohun tó gbà padà. Ó wá hàn pé wọ́n ti mú òun náà kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní kíláàsì kékeré.

Kò rọrùn. Àwọn sẹ́níọ̀ ń kùn pé ìyà táwọn jẹ gbé. Àwọn kan gbé ìyọlẹ́nu wọn lọ sẹ́yìn ilé oúnjẹ títí tíṣà fi ń dúró níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí tíṣà tó dé ibi ẹ̀rọ omi, sẹ́níọ̀ kan gbá garawa Morẹ́nikẹ́ dànù, ọmọ kíláàsì wa kan tí kì í sọ̀rọ̀ sì nawọ́ sí i: "Morẹ́nikẹ́, wá dúró tì wá." Gbogbo wa sún mọ́ra. Sẹ́níọ̀ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bá tiẹ̀ lọ.

Bàbá Morẹ́nikẹ́ kò mú un lọ mọ́. Lọ́kọ́ja ni Morẹ́nikẹ́ ń gbé báyìí, ó sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í lórí fóònù láìpẹ́ bóyá ó ti gbàgbé. "Ara mi ti yá," ló wí, "ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá pè mí lójijì láti ẹ̀yìn, àyà mi ṣì máa ń já."

Wọ́n ti kun iléèwé wa lọ́dà tuntun, ilé sì ti gba ibi tí igbó wà. Wọ́n ní ìjókòó ọjọ́ Monday ṣì wà. Ó yẹ kó wà, torí ọdọọdún ni ọmọ tuntun ń gbé àpótí rẹ̀ wọlé láìmọ ẹnì kankan, ọdọọdún sì ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ sún fún un.