Gbólóhùn Aláàbọ̀ Lórí Pátákó Mi

Tíṣà àgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Ìlá gbà pé Gẹ̀ẹ́sì tí ènìyàn bá ti lè lóye kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì gidi. Òmìnira kò tíì dé nígbà náà. Ẹni tó bá lè sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn bí ọ̀nà Ìgbájọ, tí kò sí ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń pè é. Kóòtù ni bàbá yìí máa ń wọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Bó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ pa ẹnu mọ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò kó tó fún wa ní tiwa.

Èmi ni mo ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, èmi nìkan sì ni obìnrin láàárín àwọn olùkọ́, nítorí náà "Mísì" ni tọmọdé tàgbà ń pè mí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ìròyìn àyẹ̀wò lọ́wọ́ kíláàsì mi, iyọ̀ ni a pò mọ́ omi, tí a gbé e ka iná títí omi fi gbẹ tán, tí iyọ̀ sì ṣẹ́kù. Ọmọ kan, ààyò tíṣà àgbà, kọ ọ́ báyìí: "It was with unalloyed felicity that I beheld the salt." Pé pẹ̀lú ayọ̀ tí kò lábàwọ́n ni òun fi wo iyọ̀! Bí omi ṣe pọ̀ tó, kò sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí omi náà, kò sọ. Àwọn tó kù kò rí ìlà kan kọ délẹ̀.

Bí mo bá sì fi Yorùbá bi wọ́n, wọn yóò ròyìn gbogbo rẹ̀ láìfo nǹkan kan. Ìgbómìnà ni wọ́n ń sọ nílé, Yorùbá inú Bíbélì ni wọ́n ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú kíláàsì nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá wọn. Ohun tí wọ́n rí yé wọn. Ibi tí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ni wọn kò mọ̀.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn sórí pátákó, kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ tiwọn parí rẹ̀. "We wanted to find out whether…" ni ti ohun tí a fẹ́ wádìí. "First, we placed…" àti "Then we…" ni ti ohun tí a ṣe, kí ọ̀rọ̀ lè tò bí iṣẹ́ ṣe tò. "We observed that…" ni ti ohun tí ojú rí, ojú nìkan. "This suggests that… because…" ni ti ohun tí a rò pé ó fà á. Ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti èrò bọ àárín ohun tó rí. Nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà bí iṣẹ́ bá ti kọjá, mo kọ "placed", "heated" àti "poured" sí ẹ̀gbẹ́ pátákó kí wọ́n lè máa wò ó.

Tíṣà àgbà gba ẹnu ọ̀nà kíláàsì mi kọjá, ó rí pátákó, ó dúró.

"Mísì, kí lèyí?"

"Ìrànlọ́wọ́ ni, sà. Kí wọ́n lè kọ ìròyìn tó yéni."

"Ọ̀pá arọ lẹ fún àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn pé! Ẹ fẹ́ kí gbogbo wọn máa kọ̀wé bí akọ̀wé ọ́fíìsì?"

"Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n kọ, màá nù ún kúrò díẹ̀díẹ̀, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbọn kóòtù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n tọ́ mi dáadáa nílé, mo kọjú sí pátákó mi. Ohun tí mo sọ nínú mi kò ṣe é kọ síbí.

Lẹ́yìn èyí ni a ṣe àyẹ̀wò ìṣó. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgò mẹ́ta. Ìṣó inú ti àkọ́kọ́ wà nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, pẹ̀lú kẹ́míkà tí ń fa ọ̀rinrin mu, a sì dé e pa. Ti ìkejì wà nínú omi tí a sè kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, òróró sì bo ojú omi náà. Ti ìkẹta wà nínú omi lásán, ìgò rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ìwé sọ pé ti ìkẹta nìkan ni yóò dípẹtà. Mo ti kọ ọ́ sórí pátákó pé, "The nail in the second bottle did not rust because…"

Nígbà tó di ọjọ́ mélòó kan, ọmọbìnrin kan láti Iresi gbé ìgò wá. "Ẹ jọ̀ọ́ Mísì, ìṣó inú ìgò wa kejì ti dípẹtà. Kí ni ká kọ?"

Mo wo ìgò náà, òótọ́ ni. Mo wo pátákó mi, mo rí i pé irọ́ ló fẹ́ kí wọ́n pa. Ojú ẹsẹ̀ ni mo nù ún kúrò, tí mo kọ "In the second bottle, we observed that…" àti "This was different from what we expected, perhaps because…" Gbólóhùn aláàbọ̀ gbọ́dọ̀ gba èsì yòówù tó bá wá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni olùbẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ dé láti Ìbàdàn, wọ́n sì mú un wá sí kíláàsì mi. Tíṣà àgbà ti tọ́jú ààyò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kó dìde kó ka ìròyìn ìṣó tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń dún gbàù-gbàù nínú kíláàsì. Nígbà tó parí, olùbẹ̀wò fẹ̀sọ̀ bi í léèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìgò yín kejì?"

"Ìṣó ibẹ̀ kò dípẹtà, sà."

Olùbẹ̀wò gbé ìgò náà sókè sí ojú fèrèsé. Inú ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ Iresi ni ààyò yìí wà. Ìṣó ọ̀hún pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà Ọ̀tan.

Olùbẹ̀wò ní kí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ náà ka tirẹ̀, ọmọbìnrin Iresi sì dìde. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan tí kò yéni. Ó kà á pé ìṣó kejì dípẹtà, pé èyí yàtọ̀ sí ohun tí àwọn retí, bóyá nítorí pé òróró ti sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí afẹ́fẹ́ sì rí ọ̀nà wọnú omi. Olùbẹ̀wò tún ìgò gbé wò. Ẹ̀gbẹ́ kan ni òróró wà lóòótọ́.

"Ta ló kọ́ ọ láti kọ ọ́ báyìí?"

Kí ọmọ náà tó la ẹnu, tíṣà àgbà ti dìde. "Ìlànà ilé ẹ̀kọ́ wa ni, sà. A ti ń bá a bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́."

Ọmọ náà wò mí. Mo mi orí sí i pé kó jókòó. Ẹ̀rín ló ń pa mí ju ìbínú lọ.

Kí ọdún tó parí, mo ti nu ọ̀pọ̀ gbólóhùn náà kúrò. Ó ku "observed" àti "because" nìkan, nígbà tó sì yá, mo nu àwọn náà, àwọn ọmọ ń kọ̀wé lọ láìwo pátákó. Tíṣà àgbà ní tirẹ̀ ti da gbogbo rẹ̀ kọ wọnú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pàṣẹ pé àwọn gbólóhùn náà ni wọn yóò máa fi kọ àròkọ gbogbo. Ìdí nìyí tí ọmọ kan fi kọ àròkọ nípa ìyá rẹ̀ báyìí: "First, we placed my mother in the kitchen. We observed that she was hot."

Tíṣà àgbà fún un ní máàkì tó ga jù.