Ọ̀gá Felix àti Orí Kẹfà Ìwé Òfin Iléeṣẹ́ Wa

Kí Ọ̀gá Felix tó dé ibi iṣẹ́ rárá ló ti máa ń rẹ̀ ẹ́. Á wọlé, á gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, á ní, "Hameedah, a dúpẹ́ pé a tún jí," bí ẹni pé jíjí ọ̀hún wà lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Ọdún méjìlélógún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama ní Èkìtì kó tó wá sí Èkó, tó di akọ̀wé ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níléeṣẹ́ wa. Kẹ́ẹ̀gì àti ike la ń ṣe, ní Ìkẹjà, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ti sọ gbogbo wa di aláriwo. Èmi Hameedah ni mo ń bá a tẹ ìwé. Yàrá kan la jọ ń lò, fáànù kan la sì jọ ń jà sí.

Madam Lọ́lá, ọ̀gá ẹ̀ka wa, ló gbé iṣẹ́ náà fún un. Ìwé òfin òṣìṣẹ́ ni, ojú ewé méjìlélọ́gọ́ta, Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbogbo àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ló ti buwọ́ lùwé pé àwọn kà á. Irọ́ ni, wọn ò kà á. Madam mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì ní kí Ọ̀gá Felix túmọ̀ rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ kó dà bí ọ̀rọ̀ sójà, sà," ni Madam wí. "Mi ò sì fẹ́ kó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Kó le, ṣùgbọ́n kó má rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ."

Wọn ò bá a dín iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kù o. Bó ṣe ń túmọ̀ ló ń ka ìwé ìsinmi, ló ń ṣírò ẹni tó pẹ́ dé, ló ń dá àwọn tí wọn ò rí káàdì wọn lóhùn. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe é. Gbogbo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti pàṣẹ, olùkọ́ tó wà nínú rẹ̀ á kọ pé "ó dára kí ẹ". Madam á fi bírò pupa fa ìlà sí i. "Sà, ṣé ó dára ni àbí dandan ni? Ẹni tí kò bá wọ bàtà iṣẹ́, a ò ní jẹ́ kó wọlé." Ọ̀gá Felix á mí kanlẹ̀, á dá a padà sí "ẹ gbọ́dọ̀". Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì sì ti ní iléeṣẹ́ lè ṣe nǹkan, ó kọ́ láti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó má sọ ọ́ di pé iléeṣẹ́ yóò ṣe é. "Ẹ" ló lò jákèjádò, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìwé rí òun fín.

Orí kẹfà ló wá dá wàhálà sílẹ̀, orí tó dá lórí ìbáwí. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sọ kò ju èyí lọ: ẹni tí wọ́n bá fún ní kúẹ́rì gbọ́dọ̀ kọ èsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì, ó sì ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹjọ́. Ọ̀gá Felix wò ó títí.

"Hameedah, ọ̀rọ̀ yìí gbẹ jù. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ṣebí a máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra ni. Ọwọ́ ọ̀tún ibẹ̀ dà?"

Ló bá yọ ẹ̀tọ́ kúrò, ó kọ ọ́ pé: "Iléeṣẹ́ yóò fi ojú àánú gbọ́ ọ̀rọ̀ yín." Ó dùn létí. Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ náà sọ fún un pé ó dùn. Madam kà á, kò rí "gbọ́dọ̀" kankan tó sọnù níbẹ̀, ó kọjá.

Kí wọ́n tó lè fọwọ́ sí ìwé náà, Madam ní kó ka orí kẹfà fún àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà níbi tí a ti ń jẹun. "Ẹ má bi wọ́n bóyá ó yé wọn, sà. Wọ́n á ní ó yé àwọn. Ẹ ní kí kálukú sọ ohun tó yé e, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́."

Nùréènì wà lára wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń gbé l'Ágége, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí ẹ̀rọ kẹ́ẹ̀gì láìgba kúẹ́rì rí. Nígbà tó kàn án, ó ní, "Ó yé mi dáadáa, ọ̀gá. Tí wọ́n bá fún èèyàn ní kúẹ́rì, kó tètè wá àwọn àgbà tó máa bá a bẹ Màdáàmù. Wọ́n láàánú."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Felix náà rẹ́rìn-ín. Aago méjì ti kọjá, kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Ó kọ "Ó yé wọn" sórí bébà, ó pa fáìlì dé. Mo rí i, mo bá a kó bébà jọ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn tí mọ́ọ̀dù ẹ̀rọ Nùréènì fi bàjẹ́, ìyẹn irin tí ike gbígbóná ń wọ̀ láti di kẹ́ẹ̀gì. Omi tó yẹ kó máa mú un tutù kò wá, irin náà sì gbóná títí ó fi sán. Nǹkan olówó ńlá ni. Dàwódù, ọ̀gá wọn nídìí ẹ̀rọ, kọ̀wé pé Nùréènì kò fiyè sí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fún Nùréènì ní kúẹ́rì lọ́jọ́ Ajé. Ìgbìmọ̀ ìbáwí yóò jókòó lọ́jọ́ Ẹtì, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ pé wọ́n lè dá a dúró.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àgbà mẹ́ta dé ọ́fíìsì wa. Lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí àdúgbò Nùréènì, onílé rẹ̀, àti àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń pa màálù ní Oko Ọba. Èmi ni mo bá wọn wá àga. Nùréènì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ bá wa fọwọ́ wọ́nú," ni Lèmọ́mù ń wí. "Ọmọ yín ni. Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Madam dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ìgbìmọ̀ ló máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Dàwódù ò fi àkókò ṣòfò. Lọ́jọ́ kejì ó fi ìlà kan kún ìwé tó kọ: "Ó ti gbà pé òun jẹ̀bi. Àgbà mẹ́ta ló kó wá bẹ̀bẹ̀."

Ọ̀gá Felix ló ń to fáìlì ìgbìmọ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó wá èsì Nùréènì, kò rí i. Ó ka ìlà tí Dàwódù fi kún un. Ó jókòó, ó fọwọ́ lérán. Lójijì ó dìde, ó kọrí sídìí ẹ̀rọ, mo tẹ̀ lé e.

"Nùréènì, kúẹ́rì tí wọ́n fún ẹ ńkọ́? Kí ló dé tó ò fèsì?"

"Mo ti fèsì, ọ̀gá. Ṣé ẹ ò rí àwọn bàbá tí mo kó wá ni?"

"Ìyẹn kì í ṣe èsì. Báwo ni mọ́ọ̀dù ṣe bàjẹ́?"

Nùréènì wo ẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà pé omi kò wá dáadáa. Òun sọ fún Dàwódù, òun sì kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lára ẹ̀rọ. Dàwódù ní kóun máa bá a lọ, pé àwọn oníbàárà ń dúró de ọjà wọn.

Orí mi gbóná. "Kí ló wá dé tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀?"

"Hàáà, àǹtí," ni Nùréènì wí fún mi, bẹ́ẹ̀ ó jù mí lọ dáadáa. "Bọ̀dá Dàwódù ló mú mi wọ iṣẹ́ yìí. Ṣé kí n wá máa bá wọn jiyàn lórí ìwé ni? Ẹ̀yin náà lẹ kà á fún wa, pé iléeṣẹ́ máa fojú àánú wò ó."

Ojú Ọ̀gá Felix yí padà. A jọ gba ọ́fíìsì Madam lọ, ó sì dúró níwájú wọn bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé.

"Mà, èmi ni mo ṣi ọkùnrin náà lọ́nà. Ẹ̀tọ́ ló wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, àánú ni mo kọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ á sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá ń retí àánú á dọ̀bálẹ̀ ni."

"Wọn ò tíì fọwọ́ sí ti Yorùbá, sà. Gẹ̀ẹ́sì ni òfin."

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n nínú iléeṣẹ́ yìí la ti kà á fún un, orúkọ yín la sì fi kà á. Ó sọ ohun tó yé e lójú mi. Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀."

Madam wo kàlẹ́ńdà. "Àṣìṣe yín nìyẹn, kì í ṣe òun ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì mìíràn, kí ìgbìmọ̀ sì sún ìjókòó wọn síwájú. Kó sọ tẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ bá a kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kẹ́ ẹ kà á sí i létí, kó buwọ́ lù ú."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ṣí ìwé ara ẹ̀rọ, wọ́n sì rí ọwọ́ Nùréènì níbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: OMI KO WA. MO TI SO FUN OGA. Wọ́n dá a sílẹ̀ láìlẹ́bi. Ó wá kan Dàwódù láti gba kúẹ́rì. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, díẹ̀ ló sì kù kí gbogbo wa dàgbà sínú ìwà ìkà yẹn.

Ọ̀gá Felix tún orí kẹfà kọ. "Kúẹ́rì kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ tẹnu yín sílẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tí yóò bá yín kọ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe èsì. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá yín lẹ́jọ́ láìgbọ́ tẹnu yín." Madam fi ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀ kún ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ìwé méjèèjì lè bára mu. Wọ́n kà á fún àwọn mẹ́fà mìíràn. Ìyá Sùlíyá tó ń to kẹ́ẹ̀gì ní, "Ó yé mi pé kí n kọ́kọ́ rojọ́ mi ná. Tí n bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ìyẹn dẹ̀yìn." Lọ́tẹ̀ yìí Ọ̀gá Felix kọ ọ́ sílẹ̀, kò yọ ọ̀rọ̀ kan.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Madam fún Ọ̀gá Felix náà ní kúẹ́rì: kí ló dé tí kò fi kọ ohun tí òṣìṣẹ́ sọ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ní kó ṣe? Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún.

"Hameedah, ìwọ àti Madam máa ń sọ̀rọ̀. Ṣé o ò lè bá mi dé ọ̀dọ̀ wọn? Ká kàn lọ bẹ̀ wọ́n."

Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ọkùnrin tó fi oṣù mẹ́rin wà lẹ́nu ìwé yìí! Bébà funfun kan ni mo fà yọ, mo gbé e síwájú rẹ̀.

Ó wò ó títí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fa bírò. Kò pẹ́ tó fi kọ ọ́ tán. Ó nà án sí mi pé kí n tẹ̀ ẹ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà:

"Mo gbọ́ ohun tí Nùréènì sọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí òfin wí nìyẹn. Ó ti rẹ̀ mí, mo bá wọn rẹ́rìn-ín."