Àtàǹpàkò Pupa ti Hawaou

Ẹni tí ó bá ti gba ibùdókọ̀ ojú irin Tchaourou kọjá ní àkókò ìjọba àwọn Faransé kò lè ṣàìmọ Hawaou onídùndú. Bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè lọ́ọ̀ọ́kán, á ti gbé àwo rẹ̀ karí, á máa sáré láti ojú fèrèsé kan dé òmíràn: "Dùndú gbígbóná rè é o! Ẹ rà á kí iná inú rẹ̀ tó kú!" Láti ìgbà tí ó ti wọ ilé Tairou, ọkọ rẹ̀, ni ó ti ń ṣe òwò yìí, ṣùgbọ́n kò wọ ọkọ̀ náà rí. Ojú fèrèsé ni ó mọ̀. Ibi tí ọkọ̀ ń gbé àwọn ènìyàn lọ, ẹnu èrò ni ó ti ń gbọ́ ọ.

Ìdí nìyí tí ó fi pa iṣẹ́ tì, tí ó tẹ́tí sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Adjara, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, dé láti ilé-ìwé pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Adjara jókòó síwájú bàbá rẹ̀, ó ń ka èdè Faransé náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì ń tú u sí Nàgó.

Ọ̀gá ilé-ìwé ń kí àwọn òbí. Ó ní kíláàsì wọn yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kútọnu, láti rí òkun àti afárá irin gígùn tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń já ẹrù sí. Àádọ́jọ franki ni owó ọkọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n dín in kù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí ọmọ mú ẹní kan àti gàrí dání. Olùkọ́ méjì ni yóò bá wọn lọ, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tí yóò gbé àpótí oògùn. Inú ilé-ìwé kan ni wọn yóò sùn, àwọn ọmọbìnrin lọ́tọ̀. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan omi òkun. Kí bàbá tàbí alágbàtọ́ tí ó bá gbà fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, tàbí kí ó tẹ̀ka sí i, kí ó dá a padà ní ọ̀la, nítorí ọ̀gá ibùdókọ̀ fẹ́ mọ iye ọmọ kí ó tó já tíkẹ́ẹ̀tì.

Adjara ká ìwé náà padà. Tairou ń fi ọ̀bẹ yọ amọ̀ kúrò lára ọkọ́ rẹ̀.

"Mi ò ní tẹ̀ka," ni ó wí.

"Bàbá Adjara, ṣé torí owó ni?" ni Hawaou béèrè. "Owó dùndú mi tó o."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ owó? Ìgbà tí wọ́n ń la ojú irin yìí kọjá, wọ́n mú ìwé wá, wọ́n ní kí n tẹ̀ka, wọ́n ní iṣẹ́ oṣù kan ni. Ọdún kan gbáko ni mo fi fọ́ òkúta. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ lọ sílé, ìwé ni wọ́n fi hàn mí. Mi ò rí ojú ẹni tí ó kọ ọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀." Ó gbé ọkọ́ náà kalẹ̀. "A kì í fa ọmọ lé ìwé lọ́wọ́. Ènìyàn ni à ń fa ọmọ lé lọ́wọ́. Ẹni tí ó fẹ́ mú ọmọ mi lọ, kò mọ ilé mi ni?"

Bí ó ti pa ọ̀rọ̀ náà dé nìyẹn. Adjara wọ yàrá, kò sunkún. Àìsunkún rẹ̀ ni ó dun ìyá rẹ̀ jù.

Ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí Tairou ti lọ sóko, Hawaou yà sí ọ̀dọ̀ Sakinatou, aládùúgbò rẹ̀ tí ó ń lé láàlì fún ìyàwó tuntun kan. Ó bù díẹ̀ nínú láàlì lílọ̀ náà sórí ewé. Tàdáwà kò sí nílé wọn, ṣùgbọ́n ó ti rí i tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ka lọ́fíìsì, ohun tí ó dá a lójú ni pé àwọ̀ ni ìwé ń fẹ́. Nígbà tí ó délé, ó ki àtàǹpàkò bọ láàlì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé.

"Ìyá, Bàbá ńkọ́?" ni Adjara wí, ojú rẹ̀ là gbàgà.

"Gbé e lọ. Bàbá rẹ, èmi ni yóò bi léèrè."

 Gbogbo ọjọ́ náà ni Hawaou fi fọ àtàǹpàkò rẹ̀, ṣùgbọ́n láàlì kì í ṣe ẹrẹ̀. Bí ó ti ń fọ̀ ọ́ ni ó ń pupa sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́, Tairou ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, Hawaou sì ń gúnyán lọ́wọ́, nígbà tí ó gbọ́ "Salaamu alaekun" lẹ́nu ọ̀nà. Músíè Tidjani ni, olùkọ́ Adjara, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dání. Ọmọ odó yọ̀ lọ́wọ́ Hawaou. Ìwé náà ń bẹ nínú àpò ẹ̀wù olùkọ́.

Tairou ní kí ó jókòó sórí ẹní, ó bu omi fún un. Lẹ́yìn ìkíni, Tidjani tẹ́ ìwé náà sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Àtàǹpàkò yìí, ṣé tiyín ni? Àgbẹ̀ tí ń kọ ebè iṣu, mi ò rí i kí ó lé láàlì rí."

Tairou wo ìwé. Ó gbé ojú sókè, ó wo ọwọ́ tí Hawaou fi di ọmọ odó mú.  Bí ó bá sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n, wọn yóò pa orúkọ Adjara rẹ́, ìtìjú Hawaou yóò sì di orin lójú fèrèsé ọkọ̀.

"Kì í ṣe tèmi," ni Tairou wí nígbẹ̀yìn. "Ti ìyá rẹ̀ ni. Òun ló bí i." Ó yíjú sí Hawaou. "Ọ̀rọ̀ tèmi tìrẹ ṣì ń bẹ nílẹ̀." Ó tún kọjú sí àlejò. "Ẹ̀yin ńkọ́, Músíè? Ọmọ ta ni yín?"

"Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, ilé Alùfáà Oumarou, ẹ̀yìn mọ́sáláṣí."

"Bí ọmọ mi kò bá padà, ẹnu ọ̀nà yẹn ni n ó kàn."

"Ẹ kàn án, Bàbá."

"Ìwé yín sọ̀rọ̀ òkun, ó sọ̀rọ̀ oògùn. Kò sọ ẹni tí yóò dúńbú ẹran fún ọmọ Mùsùlùmí."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹja ni a ó jẹ, Bàbá. Ta ní í dúńbú ẹja?"

"Ẹ kò kọ ọ́ síbẹ̀."

"A kò kọ ọ́. Ẹ̀bi wa ni."

Tairou ní kí wọ́n pe Adjara. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó fi lé ọwọ́ olùkọ́. "Mo fà á lé yín lọ́wọ́. Ọwọ́ yín ni n ó ti gbà á." Lẹ́yìn náà ni ó tó na àtàǹpàkò síwájú. Tidjani ṣí tàdáwà rẹ̀. Àmì dúdú kan jókòó ti àmì pupa, olùkọ́ sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn, Tairou kò jẹ oúnjẹ Hawaou. Bí ó bá gbé e síwájú rẹ̀, Tairou á ní òun ti yó.

Ọjọ́ ìrìnàjò pé. Tidjani dúró lẹ́nu ọkọ̀, ó ń pe orúkọ, àwọn ọmọ ń gòkè ní méjì méjì. Adjara yọrí lójú fèrèsé.

"Onídùndú!" ni ó ké. "Èmi náà fẹ́ rà!"

Hawaou sáré bọ̀, ó di dùndú sínú ewé fún un. Ọwọ́ wọn kan ara wọn, ọkọ̀ sì fà. Ó tẹ̀ lé e títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi lè bá a mọ́.

Nígbà tí ó padà, Tairou ti wá, ó dúró ti àwo dùndú tí Hawaou gbé kalẹ̀. Kò wò ó. Ó na ọwọ́, ó mú dùndú kan, ó jẹ ẹ́, ó tún mú òmíràn.

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó," ni ó wí.

Hawaou fi gèlè nu ojú. "Èyí tí ó níyọ̀ ti lọ sí Kútọnu."