Ìwé Kòtẹ́milọ́rùn Nítorí Gẹ̀gẹ̀ Ẹ̀gbọ́n

Ní ọ́fíìsì tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, ní yunifásítì ìjọ kan ní Ọ̀tà, ẹnikẹ́ni kì í ṣàìsàn. Mo mọ̀ dájú, torí èmi ni wọ́n fi ìwé ìlera àwọn òṣìṣẹ́ sí lọ́wọ́. Gbogbo káàdì HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa san owó ìwòsàn, àti gbogbo fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn, orí tábìlì mi ni wọ́n ń gbà kọjá. Ẹ óò rí òṣìṣẹ́ tí ibà ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ẹ óò ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ara yín ò yá ni?" Yóò ní, "Ara mi le, lórúkọ Jésù." Lẹ́yìn náà ni yóò na ọwọ́ tó ń gbọ̀n, kó lè gba fọ́ọ̀mù.

Ọmọ Ọ̀tà ni mí, ọmọ onílẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ́ ilé ìkówèésí yunifásítì náà sí, oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ara ẹnìkan ò bá yá ní agboolé wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò dùbúlẹ̀ sí, yóò máa kérora kí gbogbo ayé lè gbọ́, wọn yóò sì máa wá kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ìjọ dé, yunifásítì tẹ̀lé e, ilé ayálégbé hù káàkiri, ìkérora sì di ohun ìtìjú. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wá síṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ wa pé ohun tí èèyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ló máa dé bá a, torí náà kí á má ṣe jẹ́wọ́ àìsàn. Èmi náà ṣe àmín. Mo fẹ́ iṣẹ́.

Obìnrin tó ń tọ́jú fáìlì, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi, Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Itele, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó sì ní gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn. Gẹ̀gẹ̀ náà tó ọsàn ńlá. Síkáàfù ló fi ń bò ó, tó bá ṣe àwọ̀ búlúù lónìí, á ṣe àwọ̀ ewé lọ́la, àwa náà á sì máa yin síkáàfù. "Ẹ̀gbọ́n, síkáàfù yìí mà bá yín mu o!" Kò sẹ́ni tó jẹ́ dárúkọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ti lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ṣàngó. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní òun lè yọ ọ́, ó sì ti kọ̀wé sí HMO wa láti gba àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é: tí iṣẹ́ abẹ kì í bá ṣe ti pàjáwìrì, ilé ìwòsàn ò ní fọwọ́ kan abẹ àfi tí HMO bá fún wọn ní kóòdù àṣẹ.

Dípò kóòdù, lẹ́tà pé wọ́n kọ̀ ló dé. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ẹwà ni. Wọ́n tọ́ka sí ibi tó wà nínú ìwé àdéhùn wa pé àwọn ò ní san owó iṣẹ́ abẹ tí èèyàn kàn fẹ́ fi tún ìrísí ara rẹ̀ ṣe. Inú bí mi. Mo pe ilé ìwòsàn pé kí wọ́n fi ẹ̀dà ohun tí dókítà kọ ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tó dé tí mo kà á, inú tó ń bí mi ò mọ ẹni tí yóò dojú kọ mọ́. Dókítà kọ ọ́ pé aláìsàn ní òun ń gbé oúnjẹ mì dáadáa. Aláìsàn ní òun ń mí dáadáa. Aláìsàn ní òun ń sùn dáadáa. Aláìsàn ṣáà ní kí àwọn yọ ọ́.

Mo gbé e lọ bá a. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ohun tí ẹ sọ fún dókítà nìyí?"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Kí n máa pe àìsàn mọ́ra?"

"Dókítà ló mà bi yín, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìyẹn ò ní kí n jẹ́wọ́ ibi. Kì í ṣe ìpín mi."

Bẹ́ẹ̀, ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Obìnrin tí mọ́ínmọ́ín kan ṣoṣo ń gba gbogbo àkókò oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀! Tó bá ti bù ú sẹ́nu, á mu omi lé e, á wá gbé àgbọ̀n sókè bí adìẹ.

Ọ̀gá wa, tó tún jẹ́ pásítọ̀, gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà, ó ní òun fúnra òun ló máa kọ ìwé kòtẹ́milọ́rùn. Ojú ìwé méjì ni. Ó fi èyí àkọ́kọ́ kí wọn. Nínú èkejì, ó de ẹ̀mí ìdádúró, ó sọ fún HMO pé wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà, ó sì parí rẹ̀ pé, a ti gbà á, ó ti ṣẹ. Nọ́ńbà káàdì Ẹ̀gbọ́n kò sí níbẹ̀. Mo ní, "Sà, ṣé kí n so ìwé dókítà mọ́ ọn?" Ó wò mí pẹ̀lú àánú, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ onílẹ̀. Ó ní, "Sìsítà, ìgbàgbọ́ ni ẹ̀rí wa." Gbogbo wa gbé ọwọ́ lé àpòòwé náà, a gbàdúrà lé e lórí. Ẹnìkan tilẹ̀ gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Gbólóhùn mẹ́ta ni HMO fi fèsì. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní àwọn ò rí ọ̀rọ̀ ìlera tuntun kankan nínú lẹ́tà wa, nítorí náà ìpinnu àwọn kò yí padà. Wọ́n ní ààyè ẹ̀ẹ̀kan ṣì wà láti pẹjọ́ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn dókítà wọn, pẹ̀lú àlàyé kíkún láti ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ àti èsì àyẹ̀wò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀gá ní ọ̀tá ti ń gbọ̀n. Èmi gan-an ló ń gbọ̀n.

Mo bá tẹ̀lé Ẹ̀gbọ́n lọ sí Ṣàngó. Oníṣẹ́ abẹ náà jẹ́ àgbàlagbà kan tó ti rẹ̀. Ó bi í bó ṣe ń ṣe é, Ẹ̀gbọ́n ní, "Mo dúpẹ́, sà, ara mi le." Mo la ẹnu mi, mo sọ ti mọ́ínmọ́ín àti omi. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí mi bí ẹni tí mo já sí ìhòòhò. Dókítà ò bá a jiyàn. Ó kàn ní, "Mà, ẹ bá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, bí ìgbà tí ẹ bá ń yin Olúwa. Ẹ jẹ́ kó wà lókè bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n gbé e sókè pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò pé ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rín lọ. Ojú rẹ̀ wú, ó ṣókùnkùn, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọn bíi fèrè. "Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, mà, ẹ tètè." Dókítà ṣàlàyé fún wa pé èyí tí a ń rí lọ́rùn kékeré ni, gẹ̀gẹ̀ náà ti sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn egungun àyà, tó bá sì ti gbé ọwọ́ sókè, ńṣe ló ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀nà èémí. Ó ní ká lọ ya fọ́tò àyà àti ọrùn. Fọ́tò náà fi hàn pé gẹ̀gẹ̀ ti ti ọ̀nà ọ̀fun tí a fi ń mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ó pẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n ti ń gbé ọwọ́ kan ṣoṣo sókè níbi ìsìn òwúrọ̀ ọ́fíìsì wa. Ọ̀gá tilẹ̀ ti gbàdúrà rí fún àwọn tí ìyìn wọn ti di tútù, ojú rẹ̀ sì wà lára Ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ṣe àmín sí i.

Èmi ni mo kọ lẹ́tà kejì. Ojú ìwé kan. Orúkọ, nọ́ńbà káàdì, ọjọ́ tí ilé ìwòsàn béèrè àṣẹ, ọjọ́ tí wọ́n kọ̀. Mo kọ ọ́ pé abala tí wọ́n tọ́ka sí ń sọ̀rọ̀ nípa ìrísí, bẹ́ẹ̀ èémí ni wàhálà obìnrin yìí. Mo so àlàyé oníṣẹ́ abẹ mọ́ ọn, mo so èsì fọ́tò mọ́ ọn. Ọ̀gá kà á, ó yí i sẹ́yìn bóyá ó kù. "Lẹ́tà yìí gbẹ o. Ọlọ́run dà níbẹ̀?"

"Ó wà nínú fọ́tò, sà."

Ó fọwọ́ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bí a ṣe ń parí ìsìn òwúrọ̀, fóònù Ẹ̀gbọ́n dún. Dókítà obìnrin kan ni, láti inú ìgbìmọ̀ HMO. Etí fóònù náà ti bàjẹ́, àfi kó tan agbóhùnsókè, gbogbo wa sì ń gbọ́. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ìwé méjì ló wà níwájú mi. Ti àkọ́kọ́ ní ẹ ń mí dáadáa, ẹ ń jẹun dáadáa. Ti èkejì ní ẹ ò lè mí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu yín kí n tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Èwo ni òótọ́?"

Ọ̀gá wà lókèèrè, ó ń fi ètè sọ ọ́ fún un láìlóhùn: ara mi le, ara mi le. Àwọn kan ń mi orí sí i. Tó bá fi lè sọ ọ́, ó tán nìyẹn, kò sí ibòmíì tí a tún lè kọ̀wé sí. Ẹ̀gbọ́n wò wọ́n, ó wá wo fóònù.

"Ti èkejì ni, Dókítà."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni ẹnìkan wí lẹ́bàá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

"Ẹ ṣàlàyé fún mi, mà."

"Oúnjẹ ń há mi. Mi ò lè dùbúlẹ̀ sùn. Tí mo bá dùbúlẹ̀, ó dà bí ẹni pé èèyàn gbé ẹsẹ̀ lé mi lọ́rùn. Orí àga ni mo ń sùn. Ẹ̀rù ń bà mí, Dókítà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pé ọdún mẹ́ta."

Ọdún mẹ́ta, ojú kojú ni èmi àti ẹ̀ jọ ń jókòó. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Àárọ̀ kan kì í lọ kí n má bi í pé ṣé dáadáa ni, kò sì sí àárọ̀ kan tí mo dúró gbọ́ èsì.

"Ọkọ yín ńkọ́, mà? Ṣé ó mọ̀?"

"Kò mọ̀. Tó bá jí tó bá mi lórí àga, ó máa ń rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Á rọra yí padà, á sùn, kó má bàa dí mi lọ́wọ́."

Dókítà náà ní òun á fi kóòdù ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa fóònù. Ó wá tú síkáàfù ọrùn rẹ̀, ó ká a, ó fi sínú àpò, ó sì jókòó sídìí fáìlì rẹ̀ níwájú gbogbo wa.