Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Aṣọ Bò

Obìnrin tí àwọn aránṣọ ń pè ní Àǹtí Ẹ̀rọ mọ ọjà tà. Lóṣù kan ṣoṣo, ó ta mẹ́fà nínú ẹ̀rọ tí ń dí etí aṣọ kó má baà tú, ọ̀gá rẹ̀ sì ń yìn ín kiri.

Lọ́jọ́ kan, ó yà kí ìyá aránṣọ kan tó ra tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n faṣọ bò ó, áyọ́ọ̀nù jókòó lé e lórí bí ọba.

"Mà, ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?"

"Àbúrò, má bínú o. Òwú mẹ́rin! Mo fi sí i, ó já. Mo tún fi sí i, ó tún já. Ó sú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí léèrè lánàá, mo ní kó má wulẹ̀ rà á."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àǹtí Ẹ̀rọ dé egungun. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé, ìwé ìlò ló kàn nà sí wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó fa àpótí kan, ó jókòó.

"Iṣẹ́ wo ló ń lé yín jù báyìí, mà?"

"Aṣọ iléèwé, ogún. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o."

"Ìyẹn nìkan la máa kọ́ lónìí. Èyí tó kù nínú ìwé, kó sùn síbẹ̀ ná."

Ó fi òwú aláwọ̀ mẹ́rin hàn wọ́n kí ojú lè rí ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Abẹ́rẹ́ ni ìyá náà ti ń kọ́kọ́ fi òwú sí, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ohun tó ń já a nìyẹn. Àǹtí Ẹ̀rọ tò ó tán, ó sì fa gbogbo rẹ̀ yọ.

"Háà! Kí lo bà á jẹ́ fún?"

"Ọwọ́ yín ló máa mọ̀ ọ́n, mà, kì í ṣe tèmi."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá tò ó tí kò bọ́ sí i. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ̀rọ bú sí orin. Kí ọ̀sán tó pọ́n, aṣọ mẹ́ta ti parí.

Nígbà tó ròyìn fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá fajú ro. "Ọjà tí a ti tà, a ti tà á. Oníbàárà tuntun ni kó o lọ wá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ aṣọ ń bà wá lórúkọ jẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni mo tọrọ láti fi kọ́ àwọn tó ti rà á."

Kò yéé sọ ọ́ títí ọkùnrin náà fi gbà. Ó wá àwọn márùn-ún yòókù lọ. Ọ̀kan ti ta ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìyẹn ká a lára, ṣùgbọ́n kò dá a dúró.

Lọ́jọ́ kẹta tó ti kọ́ ìyá, ó pè é lórí fóònù. Ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa etí aṣọ ya.

"Ṣé ẹ ń yọ píìnì kúrò kí ẹ tó rán an?"

"Ó yẹ kí n yọ ọ́?"

"Ọ̀bẹ inú rẹ̀ ló ń gé píìnì yẹn, mà, kò mú mọ́. Mò ń gbé ọ̀bẹ mìíràn bọ̀."

Ìgbà tí wọ́n kó aṣọ lọ tán, tí iléèwé sì tún gbé ọgbọ̀n wá, ni Àǹtí Ẹ̀rọ tó béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹlòmíràn tí etí aṣọ ń yọ lẹ́nu.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ tí mo ní kó má rà á ńkọ́? Láti àárọ̀ ni mo ti pè é. Ó ní bí ìwọ gan-an ò bá wá kọ́ òun, òun ò rà."

"Ẹ ní kí wọ́n kó aṣọ tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ ṣe sílẹ̀ dè mí."